Ìwé Tí Ẹ Máa Kọ sí Oníbàárà Kí Àtúnṣe Tó Bẹ̀rẹ̀: Èyí Tó Wà Nínú Owó Iṣẹ́ àti Èyí Tó Lówó Tirẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú àti Bàrígà máa ń bi mí ṣáá: "Mo ti fi àwòrán àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà, kò yéé sọ pé kí n yí eléyìí, kí n yí tọ̀hún. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ó ti di owó, tí kò fi ní rò pé mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ?"

Tó bá ti di pé ẹ ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ, ó ti pẹ́ díẹ̀. Owó tí wọn ò sọ fún èèyàn tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ìrẹ́jẹ ló máa ń jọ lójú ẹni tó fẹ́ san án. Ìwé tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ oníbàárà kí ó tó fi ojú kan àwòrán kankan.

Lébẹ́lì ara ìgò ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, torí pé òun ni iṣẹ́ tí àtúnṣe ti máa ń pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ní Yábàá ń ta àdín àgbọn fún irun àti ara, inú ìgò 250 mílílítà ló ń rọ ọ́ sí, ó sì fẹ́ kí ẹ bá òun ṣe lébẹ́lì. Owó iṣẹ́ yín jẹ́ 60,000 náírà. Iye tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó má tó o. Ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ni kí ẹ wò.

## Ìgbà wo ni kí ìwé náà lọ?

Ìgbà méjì ni. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ẹ bá jọ sọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n tó san àsansílẹ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́, kí ẹ sì ní kí oníbàárà dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bíi "Mo gbà." Ìgbà kejì ni ọjọ́ tí àwòrán àkọ́kọ́ bá ń lọ. Ẹ má tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ́jọ́ yẹn. Ìlà mẹ́ta tó rán an létí ti tó, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni inú oníbàárà máa ń dùn tí gbogbo ilé á máa wo àwòrán náà, tí àbúrò, ọkọ àti ọ̀rẹ́ á máa dá sí i.

Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ nígbà kejì nìkan, oníbàárà máa rò pé àtúnṣe tí òun fẹ́ bèèrè ni ẹ rí tí ẹ fi gbé òfin jáde.

## Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ya àtúnṣe sí ọ̀nà mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ "àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lọ́fẹ̀ẹ́", a sì rò pé a ti parí ọ̀rọ̀. Iye ìgbà nìkan kì í yanjú ìjà. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé ohun tí oníbàárà ń pè ní àtúnṣe àti ohun tí ẹ̀yin ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín in sí.

Àṣìṣe tiyín. Wọ́n fún yín ní nọ́ńbà fóònù, ẹ tẹ ẹyọ kan ṣì. Wọ́n kọ "àgbọn" fún yín, ẹ kọ "agbọ̀n". Wọ́n ní kí ẹ lo àwọ̀ ewé, ẹ lo búlúù. Ẹ máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ ìkankan nínú iye ìgbà tí ẹ fún oníbàárà, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ kọ eléyìí sókè nínú ìwé yín. Òun ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gba ìyókù gbọ́.

Àtúntò. Ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn lé lórí ṣì wà bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí lójú ni wọ́n fẹ́ kí ẹ tún tò: kí orúkọ ọjà tóbi sí i, kí àwọ̀ ewé náà dúdú díẹ̀ sí i, kí àwòrán àgbọn kúrò ní ọ̀tún lọ sí òsì, kí irú lẹ́tà rọrùn láti kà. Èyí ni àtúnṣe tó wà nínú owó iṣẹ́, òun náà ló sì ní iye ìgbà.

Iṣẹ́ tuntun. Ohun tí ẹ ṣàdéhùn lé lórí ti yí padà. Ìgò ti yí, orúkọ ọjà ti yí, wọ́n ti fẹ́ irú èdè mìíràn lára lébẹ́lì, tàbí wọ́n ti sọ pé àwọn ò fẹ́ irú àwòrán yìí mọ́, kí ẹ gbé òmíràn wá látìbẹ̀rẹ̀. Owó lọ̀tọ̀ ni èyí, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ò tíì lo àtúnṣe kankan.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń ya ìkejì àti ìkẹta sọ́tọ̀: *ṣé ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn wa ṣì ni wọ́n ń bèèrè?* Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà márùn-ún. Ti ìyá aládìín àgbọn, mo máa kọ báyìí: lébẹ́lì kan, ìgò 250 mílílítà, èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ewé àti funfun, orúkọ ọjà tí ẹ fún mi lọ́jọ́ Ajé. Ohunkóhun tó bá jáde kúrò nínú ìlà yìí, iṣẹ́ tuntun ni.

Ìgò ni wọ́n máa ń bá wa jà lé lórí jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Oníbàárà máa sọ pé, "Ṣebí kí ẹ kàn fà á gùn ni." Kò ṣeé fà. Bí ìgò 250 bá fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 6 láti etí kan dé ìkejì, àyíká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 18.8, torí pé ìfẹ̀ rẹ̀ lọ́nà 3.14 ni. Ká ní lébẹ́lì rẹ̀ ga tó 7. Tí ó bá wá ra ìgò ńlá tó fẹ̀ tó 7.2, àyíká rẹ̀ máa di nǹkan bíi 22.6, gíga lébẹ́lì sì lè di 10. Gíga náà pọ̀ sí i ju bí fífẹ̀ ṣe pọ̀ sí i lọ, nítorí náà tí ẹ bá fà á, lógò tó rí róbótó máa di bí ẹyin, lẹ́tà á sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ máa tún gbogbo rẹ̀ tò ni. Ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé èyí fún oníbàárà, ó máa ń yé wọn.

## Kí ni "ìgbà kan"?

Ibi kejì tí owó wa ti máa ń jò nìyí. Oníbàárà máa ń fi fọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, ó tún máa pè lálẹ́ pé àbúrò òun ní kí ẹ yọ òdòdó kúrò. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn àbí ẹ̀ẹ̀mẹta? Bí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, oníbàárà máa ní ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ̀yin máa ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kò sì sẹ́ni tó parọ́ nínú yín.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé: ìgbà kan ni àkójọ kan, láti ẹnu ẹnì kan, láàárín ọjọ́ 5 tí àwòrán dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀kún rẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ báyìí:

- Àkójọ kan: gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí n yí, kí wọ́n kó o jọ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ohun 1 tàbí ohun 12, ìgbà kan náà ni.
- Ẹnì kan: kí wọ́n yan ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Tí ọkọ àti ìyàwó bá jọ ní ọjà náà, kí wọ́n jọ fẹnu kò kí àkójọ tó dé.
- Ọjọ́ 5: kí iṣẹ́ má bàa dúró oṣù méjì, kí wọ́n tó rántí.

Ti ẹnì kan yẹn ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Lójú tèmi, ó ṣe pàtàkì ju iye ìgbà lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe pé oníbàárà le. Èèyàn méjì tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ ló ń yí iṣẹ́ kan náà padà, ọ̀kan ní kó pupa, èkejì ní kó funfun.

Tó bá jẹ́ fọ́ìsì nóòtù ni wọ́n fẹ́ràn, ẹ má kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ní ọjà ò ní jókòó tẹ ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ ní nọ́ńbà, kí ẹ fi ránṣẹ́ padà: "Mà, ohun tí mo gbọ́ rèé. Ṣé ó pé?" Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọ́n á fi ní ó pé.

## Bí ẹ ṣe máa kọ ìwé náà

1. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ sì sọ orúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin.
2. Ẹ kọ ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn. Ìlà mẹ́rin sí márùn-ún.
3. Ẹ sọ ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sọ ohun tó lówó. Àṣìṣe tiyín ni kó ṣáájú, kí iye ìgbà àtúntò tẹ̀ lé e.
4. Ẹ sọ ohun tí ìgbà kan jẹ́. Gbólóhùn kan tàbí méjì.
5. Ẹ kọ iye owó gan-an sí iwájú ohun kọ̀ọ̀kan tó lówó tirẹ̀. "A máa jọ sọ ọ́ tó bá dé ibẹ̀" kì í ṣe iye.
6. Ẹ sọ ìgbà tí wọ́n máa san án. Kí iṣẹ́ àfikún tó bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.
7. Ẹ ní kí wọ́n dáhùn. Láìsí ìdáhùn, kò tíì sí àdéhùn.

Nípa iye owó: ẹ má ṣe fi sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fún oníbàárà tó ń ta ọjà lójoojúmọ́. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, kí ẹ kọ náírà. Àtúntò kan lára lébẹ́lì máa ń gbà mí tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ wo iye tí wákàtí yín jẹ́ nínú owó iṣẹ́, ẹ fi sọ iye owó ìgbà kẹta, ìyẹn àtúntò tó bá kọjá ẹ̀ẹ̀mejì tó wà nínú owó iṣẹ́. Nínú àpẹẹrẹ yìí, mo fi í sí 8,000.

## Ìwé náà gan-an

Obìnrin tó jù mí lọ ni mo ń kọ ọ́ sí níhìn-ín. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ yí ìkíni padà. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

> Ẹ káàárọ̀ Mà, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Lórí lébẹ́lì àdín àgbọn yín ni mo ṣe ń kọ̀wé.
>
> Ohun tí a jọ sọ rèé: lébẹ́lì kan fún ìgò 250 mílílítà, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ewé àti funfun, pẹ̀lú orúkọ ọjà tí ẹ fún mi. Owó iṣẹ́ jẹ́ 60,000 náírà. Ẹ máa san 36,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì san 24,000 kí n tó fún yín ní fáìlì tí ilé ìtẹ̀wé máa lò.
>
> Lẹ́yìn tí ẹ bá rí àwòrán àkọ́kọ́, bí àtúnṣe ṣe máa lọ nìyí:
>
> Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, mo máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbàkígbà tí ẹ bá rí i.
>
> Tí ẹ bá fẹ́ kí n tún un tò, bíi àwọ̀, bí lẹ́tà ṣe tóbi, tàbí ibi tí nǹkan wà, ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó tí ẹ san. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ jọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 5. Àkójọ kan ni mo ń kà sí ìgbà kan. Tí ẹlòmíràn nílé bá ní ohun tó fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ yín wá.
>
> Nọ́ńbà NAFDAC yín tó máa jáde, mo máa fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá dé. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un.
>
> Èyí tó ní owó tirẹ̀:
> Ìgbà kẹta àtúntò àti èyí tó bá tẹ̀ lé e: 8,000 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.
> Tí ìgò bá yí padà: 15,000.
> Tí orúkọ ọjà bá yí padà lẹ́yìn àwòrán àkọ́kọ́: 15,000.
> Tí ẹ bá fẹ́ àwòrán mìíràn látìbẹ̀rẹ̀: 30,000.
>
> Mi ò ní ṣe èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí láìkọ́kọ́ sọ fún yín. Tí ẹ bá ní kí n ṣe é, ẹ ó san án kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.
>
> Tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kàn kọ "Mo gbà" padà sí mi. Tí ìkankan ò bá yé yín, ẹ pè mí. Ẹ ṣeun Mà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: kò sí "lẹ́yìn èyí, owó lè gorí owó" níbẹ̀. Gbogbo iye ló hàn. Oníbàárà lè mú ìwé náà lọ bá ọkọ rẹ̀, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ láìsí yín níbẹ̀.

Nípa NAFDAC, ìdí tí mo fi sọ ọ́ lọ́tọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ń ṣe lébẹ́lì kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó jáde. Ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Láti gba owó lórí ohun tí ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀, kò tọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà ìdì ọjà náà ń yí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe òmíràn, nítorí náà àyè funfun ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa lù ú mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ ọjọ́ mọ́ inú àwòrán máa padà wá bẹ yín pé kí ẹ yí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

## Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Oníbàárà kọ "Mo gbà", ó san 36,000. Àwòrán àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí mo sọ:

> Àwòrán àkọ́kọ́ rèé Mà. Ẹ fara balẹ̀ wò ó, ẹ fi han ẹni tó bá yẹ, kí ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ kí n tún tò jọ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó yín, ẹ ò tíì lo ìkankan.

Ó dáhùn pẹ̀lú ohun márùn-ún: kí àwọ̀ ewé dúdú sí i, kí orúkọ tóbi, kí àgbọn lọ sí òsì, kí ẹ fi "fún irun àti ara" kún un, àti pé nọ́ńbà fóònù ò tọ̀nà. Ẹ wo ohun tí ó kọ fún yín tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ ṣì í. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ ọ̀fẹ́. Mẹ́rin yòókù di ìgbà kìíní. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n fi kún un náà, mo kà á mọ́ àtúntò, nítorí àyè wà fún un. Tó bá jẹ́ ìtàn gbogbo ilé wọn ni, tí mo ní láti dín ohun mìíràn kù, mo máa sọ fún wọn pé iṣẹ́ tuntun ni.

Ẹ fi ti ìgbà kìíní ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ìgbà 1 nínú 2." Ẹ máa kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Kò gba ìṣẹ́jú kan, oníbàárà sì ń rí ibi tí nǹkan dé fúnra rẹ̀. Ó bèèrè àtúntò kejì, ẹ ṣe é: "Ìgbà 2 nínú 2."

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó pè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dé láti Ìkẹjà, ó ní wúrà ló yẹ kí wọ́n fi kọ orúkọ náà. Àtúntò ni èyí, àmọ́ ìgbà kẹta ni. Ẹ má kọ̀, ẹ má sì kùn:

> Ó ṣeé ṣe Mà. A ti lo ìgbà méjèèjì, nítorí náà 8,000 ni eléyìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ohun mìíràn wà tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́, kí a jọ kó o sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dára púpọ̀. Ó ń fi han oníbàárà pé ẹ ò wá bí owó ṣe máa pọ̀. Ó san 8,000, ẹ ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ta ìgò fún un ní ọjà sọ pé 250 ti tán, ó ra 500. Ìgò yí padà: 15,000, ó wà nínú ìwé. Ẹ ní kó fi okùn wọn àyíká ìgò tuntun náà, kó sì ya fọ́tò okùn náà lórí rúlà ránṣẹ́. Ẹ má gba ohun tó wà lẹ́nu ẹni tó ta ìgò gbọ́. Ẹ fi nǹkan bíi mílímítà 5 kún àyíká náà fún ibi tí etí lébẹ́lì ti máa gun ara wọn, kí ẹ sì fi mílímítà 3 yí gbogbo etí rẹ̀ ká fún ibi tí ọ̀bẹ ilé ìtẹ̀wé ti máa gé e.

Nọ́ńbà NAFDAC dé, ẹ fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó san 24,000 tó ṣẹ́kù, ẹ fún un ní fáìlì. Àpapọ̀: 36,000, 8,000, 15,000 àti 24,000, ó jẹ́ 83,000. Owó 23,000 ló gorí 60,000 àkọ́kọ́, kò sì sí èyí tí oníbàárà gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó san án.

## Tí iṣẹ́ bá ti dé ilé ìtẹ̀wé

Ìlà kan wà tí ó yẹ kí ẹ fi kún ìwé yín tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gbé iṣẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú:

> Tí mo bá ti fún ilé ìtẹ̀wé ní fáìlì, owó tí wọ́n bá bèèrè lórí àyípadà kankan, tiwọn ni, ẹ̀yin ló máa san án, yàtọ̀ sí tí àṣìṣe bá jẹ́ tèmi.

Ó pọn dandan kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kí ẹ tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n lò, kò sí pélétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí àwòrán máa ń wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó fi tẹ̀wé. Tí wọn ò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn máa pààrọ̀ fáìlì ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ oní-pélétì, tí wọ́n ń lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, pélétì mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe fún àwòrán aláwọ̀ púpọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan tó bá yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe pélétì, wọ́n ní láti tún pélétì ṣe.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, bí àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà NAFDAC, dúdú pátápátá ni mo ń fi kọ ọ́, láìpo àwọ̀ mìíràn mọ́ ọn, sórí ibi tó funfun. Tí nọ́ńbà kan bá yí padà, pélétì dúdú nìkan ni wọ́n máa tún ṣe, mẹ́ta yòókù á wà bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ funfun lórí àwọ̀ ewé ò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo pélétì tó para pọ̀ di àwọ̀ ewé náà ló máa kàn.

Kí fáìlì tó lọ, ẹ gba ìdáhùn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ ní kó ka nǹkan wọ̀nyí sókè, kó kọ "Ó pé" sí i:

- orúkọ ọjà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan
- nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì
- nọ́ńbà NAFDAC
- ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò
- àyíká àti gíga ìgò tó máa lò gan-an

Ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ìgò á ti di 500, lébẹ́lì á ṣì máa sọ pé 250.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

"Àtúnṣe títí tó fi máa tẹ́ yín lọ́rùn." Èmi náà ti kọ ọ́ rí, nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì. Iṣẹ́ kan gbà mí tó oṣù méjì, oníbàárà náà ò sì láyọ̀, torí pé ohun tí kò lópin kì í jẹ́ kí èèyàn pinnu. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yín.

Láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí ìgbà méjì ti tán, láìsọ fún wọn. Kò burú kí ẹ fi ta oníbàárà dáadáa lọ́rẹ, àmọ́ ẹ kọ ọ́: "8,000 ni eléyìí, mo fi ta yín lọ́rẹ Mà, ti ẹ̀ẹ̀kan yìí ni." Tí ẹ bá dákẹ́, wọ́n máa gbà pé bó ṣe ń rí nìyẹn, ìgbà kẹrin á sì ṣòro láti sọ.

Láti fún wọn ní fáìlì kí àṣẹ́kù tó wọlé. Tí fáìlì bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn ní òpópónà kejì kó bá wọn yí i. Àwòrán tí ẹ fi ń hàn wọ́n, kí ó jẹ́ èyí tó kéré tí orúkọ yín gbà kọjá àárín rẹ̀.

Láti fi àṣìṣe tiyín kún iye ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí oníbàárà bá rí i, kò ní gba ìṣirò yín gbọ́ mọ́.

## Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé kankan ńkọ́?

Ẹ ò lè bèèrè owó lórí ohun tó ti kọjá. Ẹ ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ tán lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fa ìlà síbẹ̀. Ìwé kúkúrú yìí ni mo máa ń fún àwọn tó bá bi mí:

> Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, a ti ṣe àtúnṣe mẹ́rin lórí lébẹ́lì yìí. Ó yẹ kí n ti sọ iye tó wà nínú owó iṣẹ́ fún yín ṣáájú, n kò sọ ọ́, nítorí náà n kò ní bèèrè owó lórí èyí tó ti kọjá. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, mo máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tó bá tẹ̀ lé e, 8,000 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó wò ó dáadáa, kí ẹ kó gbogbo ohun tó kù jọ sínú ti òní kí n lè ṣe é tán fún yín.

Ẹ má fi ránṣẹ́ ní alẹ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ nígbà tí inú ń bí yín. Tí oníbàárà bá pè dípò kó kọ̀wé, ẹ gbé e, ẹ sọ ohun kan náà tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì tún fi ìlà kan tẹ̀ lé ìpè náà: "Bí a ṣe sọ lórí fóònù Mà, ti òní lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó kàn 8,000." Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de àkójọ náà kí ẹ tó ṣí fáìlì.